Ta Ló Lọ Aṣọ Yìí? Àgbéyẹ̀wò Ìṣòro Dídá Àpilẹ̀kọ Tí Ẹ̀rọ Kàn Tún Dán Mọ̀

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń kàwé nílùú Ọba pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan, ohùn rẹ̀ ò lọ sókè. Ó ní wọ́n ti kọ lẹ́tà sí òun láti ẹ̀ka ẹ̀kọ́ òun. Àròkọ kan tó fi sílẹ̀ lórí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ kòkó, ọ̀rọ̀ 1,800 géérégé, ni wọ́n kó sínú ẹ̀rọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí ilé ẹ̀kọ́ náà ń lò, ẹ̀rọ náà sì ní ìdá 64 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn.

"Bùọ̀dá mi, èmi ni mo kọ ọ́ o."

Mo bi í pé ṣé kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ kankan rárá ni. Ó dákẹ́ díẹ̀. "Mo ní kó bá mi tún gírámà ibẹ̀ ṣe ni. Mo tiẹ̀ sọ fún un pé kó má yí ìtumọ̀ padà. Ẹ ò rí i pé òfin wọn gba ìyẹn láyè?"

Mo ní kó fi méjèèjì ránṣẹ́ sí mi, èyí tó kọ́kọ́ kọ àti èyí tó jáde lẹ́yìn tí ẹ̀rọ fọwọ́ kàn án. Iṣẹ́ olóòtú ni mò ń ṣe jẹun, gègé pupa ò ṣàjèjì sí mi. Mo tẹ́ ìwé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, mo sì kà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ 93 ló yí padà, ìyẹn bí márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú 93 yìí, 48 jẹ́ àṣìṣe sípẹ́lì àti gírámà tí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ì bá tún ṣe. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n jẹ́ ọ̀rọ̀ kan tí a fi rọ́pò òmíràn tí kò burú tẹ́lẹ̀. Mẹ́rìnlá tó kù wà nínú gbólóhùn méjì péré tí ẹ̀rọ náà tú palẹ̀ tó sì tún tò. Kí n má parọ́, ohun tí mò ń ṣe sí iṣẹ́ àwọn òǹkọ̀wé tèmi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, orúkọ wọn náà ló sì ń wà lórí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọmọ yìí ló jẹ́ kí n lọ ka ohun tí àwọn onímọ̀ ti ṣe lórí ọ̀ràn náà láti ọdún 2023 wá. Ohun tí mo rí ni pé ìbéèrè méjì ni wọ́n ti ń dà pọ̀ mọ́ra wọn. Ọ̀kan ni: ta ló rán aṣọ yìí? Èkejì ni: ta ló fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́? Àwọn ẹ̀rọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí a ní, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni wọ́n kọ́ wọn láti dáhùn: ènìyàn ló kọ gbogbo rẹ̀ ni, àbí ẹ̀rọ èdè, ìyẹn ChatGPT àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀? Nígbà tí aṣọ bá jẹ́ tèmi, tí ẹlòmíràn kàn bá mi lọ̀ ọ́, ìbéèrè tí wọ́n mọ̀ ọ́n dáhùn kọ́ nìyẹn mọ́. Síbẹ̀ wọ́n á dáhùn, nítorí pé nọ́ńbà ni iṣẹ́ wọn.

Ká kọ́kọ́ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Bí mo bá sọ pé "mo gbé omi kaná, mo fẹ́ ro", etí yín ti ń retí "àmàlà" kó tó jáde lẹ́nu mi. Bí mo bá wá sọ pé "símẹ́ǹtì", ẹ ó bojú wò mí. Ẹ̀rọ èdè náà ń retí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìretí gan-an ni wọ́n fi kọ́ ọ: kí ló kàn lẹ́yìn èyí? Ó lè fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní máàkì ìyàlẹ́nu, "àmàlà" á gba kékeré, "símẹ́ǹtì" á gba ńlá. Àkíyèsí tó bí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni pé ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ bá kọ kì í ya ẹ̀rọ lẹ́nu púpọ̀, ṣùgbọ́n tènìyàn máa ń ṣe ségesège, ibì kan á rọrùn, ibì kan á ta gìrì. GPTZero tí Edward Tian, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Princeton, gbé jáde ní January 2023 bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí: báwo ni ìyàlẹ́nu náà ṣe pọ̀ tó, báwo ló sì ṣe ń lọ sókè sódò. DetectGPT tí àwọn ará Yunifásítì Stanford ṣe lóṣù kan náà gba ọ̀nà mìíràn sí ibi kan náà. Ó máa ń pa àwọn ọ̀rọ̀ ibẹ̀ dà díẹ̀díẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, á wá wò ó bóyá gbogbo àtúnṣe wọ̀nyẹn ló buru ju ti àkọ́kọ́ lọ lójú ẹ̀rọ. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, orí òkè ni ọ̀rọ̀ náà wà, ẹ̀rọ ló sì sábà máa ń kọ ohun tó wà lórí òkè.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ fún gbólóhùn kan. Àwọn nọ́ńbà yìí jẹ́ tèmi, kí ọ̀rọ̀ lè yé wa ni, ṣùgbọ́n bí ìṣirò náà ṣe ń lọ gan-an nìyẹn. Gbólóhùn ọlọ́rọ̀ ogún, méjìdínlógún nínú rẹ̀ gba máàkì ìyàlẹ́nu mẹ́rin mẹ́rin, ìyẹn 72. Méjì tó kù jẹ́ àṣìṣe sípẹ́lì. Àṣìṣe sípẹ́lì máa ń ya ẹ̀rọ lẹ́nu gidi, torí kò sẹ́ni tó ń retí rẹ̀, nítorí náà a fún wọn ní 17 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 34. Gbogbo rẹ̀ di 106. Pín in sí ogún, ó di 5.3. Ká ní ẹ̀rọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ náà ní ẹnu ọ̀nà ní 4.5: ohun tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ènìyàn ló kọ ọ́, ohun tó bá dín, ẹ̀rọ ni. Ènìyàn ló kọ èyí nìyẹn. Wàyí o, tún àṣìṣe méjèèjì ṣe. Ọ̀rọ̀ méjèèjì wá di ohun tí gbogbo ayé ń retí, wọ́n gba mẹ́ta mẹ́ta. Àròpọ̀ di 78, ìpíndọ́gba di 3.9. Gbólóhùn ti rékọjá sí ìhà ẹ̀rọ.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ dáadáa. Ẹ̀rọ ò kọ ìdá kankan nínú gbólóhùn yẹn. Lẹ́tà méjì tó ṣì ni ó tún ṣe. Bó ṣe jẹ́ bọ́tìnnì sípẹ́lì inú Microsoft Word ló tún un ṣe, tàbí olùkọ́ rẹ̀, tàbí òun fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tó sùn tó jí, ohun tó máa wà lórí ìwé ò ní yàtọ̀ ní lẹ́tà kan. Bí ìwé méjì bá sì jọra ní lẹ́tà sí lẹ́tà, kò sí ẹ̀rọ kankan láyé tó lè wo wọ́n kó ní ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Ibi tí ìmọ̀ parí sí nìyẹn, kò sí owó tá a lè fi ra ìyẹn kọjá. Ohun tó ń yí máàkì padà jù lọ nínú àtúnṣe fẹ́ẹ́rẹ́, ìyẹn yíyọ àṣìṣe kúrò, ni kò sọ ohunkóhun fún wa nípa ẹni tó yọ ọ́.

Irú àtúnṣe kejì ńkọ́, àwọn mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí ẹ̀rọ fi ọ̀rọ̀ kan rọ́pò òmíràn? Ibẹ̀ yẹn ni ìka ẹ̀rọ wà lóòótọ́, nítorí pé òun ló yan ọ̀rọ̀ náà nígbà tí kò pọn dandan. Ṣùgbọ́n àmì náà kéré jọjọ láàárín ọ̀rọ̀ 1,800, bí ṣíbí ṣúgà kan nínú garawa omi. Bí ó ṣe ń di kékeré ni iye ọ̀rọ̀ tí a nílò láti rí i ń pọ̀ sí i, kì í sì í pọ̀ bí a ṣe rò. Bí ìdá tí ẹ̀rọ fọwọ́ kàn bá dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́wàá, ọ̀rọ̀ tí a nílò á di ìlọ́po ọgọ́rùn-ún, mẹ́wàá lọ́nà mẹ́wàá. Ká ní ọ̀rọ̀ 300 tó láti fi dá ìwé tí ẹ̀rọ kọ látòkèdélẹ̀ mọ̀. Èyí tí ẹ̀rọ yan ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ rẹ̀ á nílò 30,000 kí ọkàn wa tó lè balẹ̀ bákan náà. Èyí tó jẹ́ ìdá márùn-ún á nílò 120,000, ìyẹn ju ọ̀pọ̀ ìwé àròsọ lọ. Ta ni olùkọ́ fẹ́ sọ pé kó kọ ìwé àròsọ kan wá kí òun tó mọ̀ bóyá ó bèèrè ìrànlọ́wọ́?

Nítorí náà, ohùn tó pariwo ò sọ nǹkan kan, èyí tó sì ń sọ nǹkan ò pariwo. Lójú tèmi, gbogbo ìṣòro yìí nìyẹn. Ohun tó kù tí mo kà, àlàyé lórí rẹ̀ ni.

Àwọn tó fi ẹ̀rí tó le jù kalẹ̀ lórí àtúnṣe fẹ́ẹ́rẹ́ ni Shoumik Saha àti Soheil Feizi, ní Yunifásítì Maryland, ní ọdún 2025. Wọ́n mú àwọn àkọsílẹ̀ tí ènìyàn kọ, wọ́n sì ní kí oríṣiríṣi ẹ̀rọ èdè bá wọn tún un dán ní ìpele ìpele, láti orí èyí tó fẹ́ẹ́rẹ́ gan-an títí dé orí èyí tó wúwo. Wọ́n wá kó gbogbo rẹ̀, tó lé ní 11,000, síwájú àwọn ẹ̀rọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Ohun mẹ́ta ni wọ́n rí. Lákọ̀ọ́kọ́, ọ̀pọ̀ ìgbà ni àtúnṣe tó kéré jọjọ ti tó láti sọ iṣẹ́ ènìyàn di "ẹ̀rọ ló kọ ọ́". Lẹ́ẹ̀kejì, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ náà ò lè fìyàtọ̀ sáàárín èyí tí a fọwọ́ tọ́ díẹ̀ àti èyí tí a tú palẹ̀. Ẹ̀kẹta ló dùn mí jù: bí ẹ̀rọ tó tún un ṣe bá ti pẹ́ tàbí tó kéré, wọ́n máa ń mú un ju èyí tí ẹ̀rọ tuntun tó lágbára tún ṣe lọ. Ẹ fi ojú inú wò ó. Ọmọ méjì ní kíláàsì kan náà béèrè ìrànlọ́wọ́ kan náà. Èyí tó lówó láti san fún ẹ̀rọ tó dára á lọ láìfarapa, èyí tó lo ọ̀fẹ́ orí fóònù á lọ jẹ́jọ́.

Ẹ má rò pé ìhà kan ṣoṣo ni àtúnṣe máa ń gbé ìwé lọ o. Ní July 2023, Weixin Liang àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Stanford tẹ iṣẹ́ kan jáde tó yẹ kí gbogbo ọmọ Yorùbá tó ń kàwé lókè òkun mọ̀. Wọ́n kó àròkọ 91 tí àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí wọn kọ fún ìdánwò TOEFL, wọ́n sì fi wọ́n síwájú ẹ̀rọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ méje. Gbogbo rẹ̀ ni ọwọ́ ènìyàn kọ. Ní ìpíndọ́gba, àwọn ẹ̀rọ náà ní ìdá 61 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ. Mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún nínú 91 ni ó kéré tán ẹ̀rọ kan fẹ̀sùn kàn. Ìdí rẹ̀ ò jìnnà: ẹni tó kọ́ Gẹ̀ẹ́sì níléèwé máa ń lo ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé mọ̀, ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé mọ̀ kì í sì í ya ẹ̀rọ lẹ́nu. Wọ́n wá gbé àwọn àròkọ kan náà fún ChatGPT pé kó bá wọn fi ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀ sí i, bí ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè abínibí rẹ̀ ṣe ń sọ ọ́. Ìdá 61 yẹn já wá sí bíi 12. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: nígbà tí ènìyàn kọ ọ́ fúnra rẹ̀, wọ́n ní ẹ̀rọ ni. Nígbà tí ẹ̀rọ fọwọ́ kàn án, wọ́n ní ènìyàn ni.

Bí a bá fi èyí ti iṣẹ́ àwọn ará Maryland, ó lè dà bí ẹni pé wọ́n ń ta ko ara wọn. Wọn ò ta ko ara wọn. Ẹni tí àṣìṣe rẹ̀ pọ̀, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń ta gìrì, àtúnṣe á tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, á sì fà á sí ìhà ẹ̀rọ. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ tẹ́lẹ̀, tí a ní kí ẹ̀rọ fi iyọ̀ àti ata sí i, á lọ sí ìhà ènìyàn. Iṣẹ́ kan náà là ń pè ní "tún un dán", ibi tó máa gbé ọ lọ dúró lórí ibi tó o ti bẹ̀rẹ̀.

OpenAI tó bí ChatGPT fúnra rẹ̀ gbìyànjú. Ní ìparí January 2023 ni wọ́n gbé ẹ̀rọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tiwọn jáde. Nínú àyẹ̀wò tí àwọn fúnra wọn ṣe lórí ìwé Gẹ̀ẹ́sì tó le, ìdá 26 péré nínú ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ ẹ̀rọ ni ó mú, ó sì fẹ̀sùn kan ìdá 9 nínú iṣẹ́ ènìyàn. Ní July ọdún kan náà ni wọ́n kó o kúrò nílẹ̀, wọ́n ní kò péye tó. Àwọn tó wá lẹ́yìn wọn ti dára ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìwé tí ẹ̀rọ kọ látòkèdélẹ̀, mi ò ní fi ìyẹn dù wọ́n. Ṣùgbọ́n lórí èyí tí a kàn fọwọ́ tọ́, àwọn oníṣòwò náà mọ ibi tí bàtà ti ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀. Turnitin, tó bẹ̀rẹ̀ sí fi nọ́ńbà ẹ̀rọ sára ìwé akẹ́kọ̀ọ́ ní April 2023, kì í fi nọ́ńbà hàn mọ́ bí ohun tó rí bá wà láàárín 1 sí 19 nínú ọgọ́rùn-ún. Àmì ìràwọ̀ ló ń fi síbẹ̀, torí ẹ̀sùn èké pọ̀ níbẹ̀. Inú àlàfo yẹn gan-an ló yẹ kí ọ̀pọ̀ ìwé tí a fọwọ́ tọ́ díẹ̀ wà, bí nọ́ńbà náà bá jẹ́ òtítọ́ pọ́ńbélé.

Àwọn kan á ní ẹ̀sùn èké kan nínú ọgọ́rùn-ún ò pọ̀. Yunifásítì Vanderbilt ní Amẹ́ríkà ṣe ìṣirò náà fún ara wọn ní August 2023. Ní ọdún 2022, wọ́n fi ìwé 75,000 gba inú Turnitin. Bí ó bá ṣi ọ̀kan ṣoṣo nínú ọgọ́rùn-ún mú, ìwé akẹ́kọ̀ọ́ bí 750 ni wọn ì bá fẹ̀sùn kàn láìṣẹ̀. Wọ́n pa bọ́tìnnì náà.

Ibì kan wà tí ìmọ̀ yìí ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa, kí n má rẹ́ àwọn onímọ̀ jẹ: bí a bá kó ìwé jọ lọ́pọ̀ yanturu, tí a ò sì béèrè ta ni. Ẹ rántí ìṣirò wa, pé ọ̀rọ̀ 30,000 là ń fẹ́. Bí ó bá jẹ́ ìwé ẹgbàágbèje là ń wò pọ̀, a ti ní i láníjù. Dmitry Kobak àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wo ìsọnísókí iṣẹ́ ìwádìí tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú àkójọ PubMed, wọ́n ń ka bí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún. Àwọn ọ̀rọ̀ kan tí kò sẹ́ni tó ń fẹ́ràn wọn tẹ́lẹ̀ kàn fò sókè lẹ́yìn tí ChatGPT dé. Láti inú èyí ni wọ́n ti ṣírò pé, ó kéré tán, ìdá 13 àti ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún ìsọnísókí ọdún 2024 ni ẹ̀rọ èdè ti gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Liang kan náà tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ṣe irú rẹ̀ fún ìwé àgbéyẹ̀wò tí àwọn onímọ̀ kọ fún àpérò ńláńlá, ó sì rí iye tó wà láàárín 6.5 sí 16.9 nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí òun fúnra rẹ̀ ṣe kìlọ̀: iye yẹn jẹ́ ti ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ yí padà gidi, kò ka àtúnṣe sípẹ́lì àti fífọwọ́tọ́ díẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn tó ń wọn òkun pàápàá ò wọn èyí tí à ń sọ.

Ewu tó wà níbẹ̀ ni kí ẹnì kan mú ọ̀rọ̀ tó wúlò fún òkun, kó wá fi wá ẹja kan. A rí i ní April 2024, nígbà tí oníṣòwò Paul Graham kọ ọ́ sórí ayélujára pé ẹnì kan kọ̀wé sí òun láti gbé iṣẹ́ kan kalẹ̀, òun sì rí "dẹ́lìfù" nínú rẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó túmọ̀ sí kéèyàn walẹ̀ jìn sínú ọ̀ràn. Lójú rẹ̀, àmì ChatGPT nìyẹn. Àwọn ọmọ Nàìjíríà bò ó bí eéṣú. Ọ̀rọ̀ yẹn kan náà ni olùkọ́ fi ń kọ́ wa ní sẹ́kọ́ńdìrì kí ẹnikẹ́ni tó lálàá ẹ̀rọ kankan. Òótọ́ ni pé ẹ̀rọ fẹ́ràn rẹ̀. Òótọ́ náà ni pé àwa náà fẹ́ràn rẹ̀. Ìwé kan ṣoṣo ò lè sọ èwo nínú òótọ́ méjèèjì ló bí i.

Bí a bá bọ́ sínú Yorùbá, ọ̀ràn náà tún ní ìdí mìíràn. Kí ni "díẹ̀"? Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń kọ̀wé sí wa kì í fi àmì ohùn sí i, fóònù wọn ò jẹ́ kó rọrùn. Àwọn kan ti wá ń fún ẹ̀rọ èdè kó bá wọn fi àmì sí i. Ẹnì kan fi àpilẹ̀kọ ránṣẹ́ sí wa báyìí, gbólóhùn kan nínú rẹ̀ sì jẹ́ "oko re ti baje" nígbà tó tẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin. Bí a bá fi àmì sí i, "ti" nìkan ni kò yí padà. Ẹ̀rọ tó bá ń ka lẹ́tà á ní ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún gbólóhùn náà ti yí. Olóòtú á ní kò sí ọ̀rọ̀ kan tó yí, àmì lásán ni. Àwọn méjèèjì ò tọ̀nà. "Ọkọ̀ rẹ ti bàjẹ́" ni òǹkọ̀wé wa ní lọ́kàn, mẹkáníìkì ló ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀. "Ọkọ rẹ̀ ti bàjẹ́" ni ẹ̀rọ fi ránṣẹ́ padà, ọkọ obìnrin kan tó ti di oníwàkuwà. Ọlọ́run ló ní ká rí i kó tó dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé. Ìró ohùn díẹ̀ ni ẹ̀rọ fi sí i, ìtàn ló pa dà. Bẹ́ẹ̀ ìwé tí a fi àmì sí dáadáa látọwọ́ ẹ̀rọ àti èyí tí olùkọ́ Yorùbá fọwọ́ ara rẹ̀ fi àmì sí, bí méjèèjì bá tọ̀nà, ọ̀kan náà ni wọ́n.

Àwọn kan ní ká jẹ́ kí ẹ̀rọ máa fi òǹtẹ̀ sára ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìmọ̀ náà dára. John Kirchenbauer àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Maryland ṣàlàyé rẹ̀ ní 2023: níbi ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, a ó pín àwọn ọ̀rọ̀ tó lè kàn sí ewéko àti pupa ní ìkọ̀kọ̀, a ó sì ti ẹ̀rọ kó máa yan ewéko ju pupa lọ. Òǹkàwé ò ní mọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ á ka ewéko, á rí i pé ó pọ̀ jù. Google náà gbé irú tirẹ̀, SynthID, jáde nínú ìwé ìròyìn Nature ní 2024. Ibi tí òǹtẹ̀ ń gbé ni ibi tí ẹ̀rọ ti ní yíyàn. Nínú àtúnṣe fẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀rọ̀ onígègé ni ẹ̀rọ ń dà kọ, kò ní yíyàn níbẹ̀. Níbi àṣìṣe sípẹ́lì pàápàá, ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà láti kọ ọ́ dáadáa. Níbi mọ́kànlélọ́gbọ̀n ọ̀rọ̀ ọmọ wa nìkan ni òǹtẹ̀ ti lè ráyè jókòó, wọn ò sì tó.

Iṣẹ́ tó ń fún mi ní ìrètí díẹ̀ ni ti àwọn tó ti pa ìbéèrè náà dà. Ní 2025, àwọn kan ní ilé iṣẹ́ Pangram gbé ohun tí wọ́n pè ní EditLens jáde. Dípò kó dáhùn bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n kọ́ ọ láti fojú díwọ̀n bí ẹ̀rọ ṣe fọwọ́ kan ìwé náà tó. Ìbéèrè tó bọ́gbọ́n mu nìyẹn. Síbẹ̀, bí ìdiwọ̀n náà bá ti sún mọ́ òdo, òkùnkùn tí mo ti ṣàlàyé ló tún wà níbẹ̀. Ohun tí kò sí lójú ìwé, wíwo ojú ìwé ò ní fi hàn.

Ohun tó yanjú ọ̀ràn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ò sí lójú ìwé náà lóòótọ́. Inú Google Docs ló ti kọ àròkọ rẹ̀, ìtàn ìkọ̀wé náà sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ sí ọjọ́, ọjọ́ mọ́kànlá. Ìpínrọ̀ tó kọ lọ́jọ́ kẹta, tó pa rẹ́ lọ́jọ́ karùn-ún, tó tún dá padà. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde, ó fi kún èyí tí mo sàmì sí, ó sì lọ jókòó níwájú àwọn olùkọ́ mẹ́ta. Wọ́n bi í léèrè lórí ohun tó kọ, ó dáhùn. Wọ́n fa ẹ̀sùn náà ya.

Ṣùgbọ́n wọ́n yọ máàkì. Nínú gbólóhùn méjì tí ẹ̀rọ tú palẹ̀, ọmọ náà ti kọ pé díẹ̀ lára àwọn àgbẹ̀ ló ń rí owó wọn gbà lásìkò. Ẹ̀rọ tún un tò, ó sì di pé ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ló ń rí i gbà. Ó ti sọ fún un pé kó má yí ìtumọ̀ padà; kò tún un kà lẹ́yìn náà. Olùkọ́ rẹ̀ ló rí i, pẹ̀lú ojú lásán, nítorí pé kò bá tábìlì tó wà lójú ewé kejì mu. Èmi náà lọ wo ìwé tí ẹ̀rọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kùn láwọ̀. Ó kun ìpínrọ̀ mẹ́jọ. Kò kun gbólóhùn yẹn.